Kíkọ̀ Iṣẹ́ Láìdí Ọ̀nà Ọ̀la

Láti ilé-ìwé ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti í kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, bí a ti í wọlé sí iwájú àwọn àgbà tí ń bi ni léèrè ọ̀rọ̀, àti bí a ti í dúpẹ́ nígbà tí a bá rí iṣẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ wa bí a ti í dá ẹni tí ó wí fún wa pé “Máa bọ̀ wá” lóhùn, nígbà tí a kò lè lọ? Nítorí àìmọ èyí ni ọ̀pọ̀ ọmọ dáadáa fi ń dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n fọhùn. Àwọn mìíràn a gbà tán, wọn kò sì ní yọjú ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a parọ́ àìsàn. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá tún nílò ilé iṣẹ́ kan náà, wọn a bá orúkọ ara wọn níbẹ̀ ní ipò tí wọ́n fi í sí.

Kí a tó sọ bí a ti í ṣe é, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó máa ń dun ẹni tí ó fi iṣẹ́ lọni. Kì í ṣe kíkọ̀ náà ni ó ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀; gbogbo ẹni tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ni ó mọ̀ pé àwọn kan yóò kọ̀. Àkókò tí a fi ṣòfò ni ó ń dùn ún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá ti yan ẹnì kan, ẹni tí ó ṣe ipò kejì ń bẹ nílé tí ó ń retí, wọn kò sì lè dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ títí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Bí o bá fọhùn ní ọjọ́ kẹta, wọn yóò ránṣẹ́ sí ẹnì kejì náà, ọ̀ràn náà yóò sì tán láìsí ìpalára. Bí o bá dúró di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹnì kejì lè ti rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, wọn yóò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdáhùn kan náà ni ní ọjọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìṣáájú jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí, tìkẹyìn sì jẹ́ àdánù. Nítorí náà, kíkọ̀ tí kò ní dí ọ̀nà ọ̀la ni èyí tí ó tètè dé, tí ó yé ni yékéyéké, tí kò sì ní irọ́ nínú.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, kí a sì bá a lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tí ó jẹ́ akọ̀wé owó ní ilé ìtajà ìwé kan. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 140,000 náírà. Àgbàlagbà kan, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, fi í hàn fún ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń wá akápò. Ó lọ, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, inú wọn sì dùn sí i. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù keje, lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀: owó oṣù 200,000 náírà, iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, kí ó sì dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí ń múra sí ìdánwò ìkẹyìn ti àwọn oníṣirò owó, tí yóò ṣe ní oṣù kọkànlá, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó sì máa ń lọ sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ìgbà tí ó dé ni kò bá a mu.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe ni pé kí ó fi èsì ránṣẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an pé lẹ́tà ti dé ọwọ́ òun. Gbólóhùn méjì ti tó: “Mo ti rí lẹ́tà yín gbà, mo sì dúpẹ́ púpọ̀. Èmi yóò fún yín ní ìdáhùn kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.” Èyí kì í ṣe gbígbà, kì í sì í ṣe kíkọ̀. Ó kàn ń fi ọkàn wọn balẹ̀ pé lẹ́tà kò sọnù, ó sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan láti rò ó.

Ohun kejì ni pé kí ó wádìí lọ́kàn ara rẹ̀ bóyá kíkọ̀ ni ó fẹ́ kọ̀ lóòótọ́, tàbí ohun kan péré ni ó fẹ́ kí wọ́n yí padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kọ iṣẹ́ nítorí ohun tí ìbéèrè kan ìbá tún ṣe. Ọmọbìnrin wa fi fóònù pe olùṣàkóso ilé ìwòsàn náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bi í bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ Àbámẹ́ta fún òun títí di oṣù kọkànlá. Olùṣàkóso náà fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ènìyàn pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ náà gan-an ni àwọn kò lè wà láìní akápò. Nígbà náà ni ó tó mọ̀ pé kíkọ̀ ni.

Níhìn-ín ni òfin wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, nítorí ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín bíbéèrè àti dídá owó tàbí àdéhùn mìíràn lé ẹni tí ó fi iṣẹ́ lọni. Ní ọdún 1840, ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí a ń pè ní ẹjọ́ Hyde àti Wrench. Ẹnì kan fi oko rẹ̀ lọ ẹnì kejì ní 1,000 pọ́n-ùn. Ẹnì kejì wí pé 950 ni òun yóò san, olóko sì kọ̀. Nígbà náà ni ẹnì kejì sáré padà pé òun ti gbà, òun yóò san 1,000 náà. Ilé ẹjọ́ wí pé ó ti pẹ́ jù: ní ìgbà tí ó ti dá 950, ó ti pa ohun tí a kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, kò sì lè jí i dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880, nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó jẹ mọ́ títa irin, ẹni tí ó fẹ́ rajà kàn béèrè bóyá wọn yóò fún òun ní ààyè díẹ̀ láti gba irin náà. Ilé ẹjọ́ wí pé ìbéèrè lásán ni èyí, kò sì pa ohun tí a fi lọ̀ ọ́. Ìlànà yìí ni àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà náà ń tẹ̀lé nínú ọ̀ràn àdéhùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ Àbámẹ́ta rọrùn fún mi?” ṣì ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bí wọ́n bá wí pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé, “Bí kò bá pé 250,000 náírà, èmi kò wá,” ti fi ẹnu ara rẹ̀ jọ̀wọ́ 200,000 náà, àfi bí wọ́n bá tún ṣàánú fi lọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di kíkọ̀, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́? Ẹni tí ó fi wá hàn ni. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé jù, òun náà ni ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ ní àárín wa. Àgbà tí ó fi ọ́ hàn ti fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ. Bí ó bá jẹ́ ẹnu àwọn ará ilé ìwòsàn ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ pé o kò wá mọ́, ojú yóò tì í, kò sì ní fi ẹnikẹ́ni hàn ní ilé rẹ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, kí ó tó kọ lẹ́tà rárá, ọmọbìnrin náà lọ sí ilé bàbá náà, ó kúnlẹ̀, ó sì wí pé, “Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Lẹ́tà ilé ìwòsàn ti dé, wọ́n ti gbà mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìdánwò mi kù oṣù mẹ́rin, ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo fi ń kẹ́kọ̀ọ́ sì ni ọjọ́ tí wọ́n nílò mi jù. Mo bẹ̀ wọ́n, kò ṣeé ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí n tó dá wọn lóhùn.”

Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì bi í pé, “Ṣé o ti rò ó dáadáa? 60,000 náírà kì í ṣe owó kékeré.” Ó dáhùn pé, “Mo ti rò ó, Bàbá. Bí mo bá pa ìdánwò tì nísinsìnyí, n óò tún bẹ̀rẹ̀ ìmúra náà láti ìdí ni.” Bàbá wí pé, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Tètè sọ fún wọn lónìí, kí wọ́n lè wá ẹlòmíràn. Èmi náà yóò pè wọ́n ní ìrọ̀lẹ́.” Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn tó. Bàbá kò ní ohun tí yóò fi bínú, ó sì tún di alágbàwí fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn èyí ni ó pe olùṣàkóso náà lórí fóònù, ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì wí pé lẹ́tà ń bọ̀ lẹ́yìn. Pípè ṣáájú lẹ́tà dára fún ìdí méjì. Èkíní, ohùn ènìyàn ń fi ọ̀wọ̀ hàn ju ìwé lọ. Èkejì, ẹni náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn ní ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kò gbọdọ̀ máà tẹ̀lé e, nítorí fóònù kì í wọ inú fáìlì. Bí olùṣàkóso yìí bá lọ, tí ẹlòmíràn sì gba ipò rẹ̀, lẹ́tà nìkan ni yóò máa jẹ́rìí sí ìwà rẹ. Ìbáà ṣe nínú àpò ìwé ni o fi ránṣẹ́, ìbáà ṣe lórí ímeèlì, tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí o kọ ọ́. Báyìí ni ó ti kọ ọ́:

“Ìbàdàn, ọjọ́ 16, oṣù keje.

Sí Olùṣàkóso Ilé Ìwòsàn.

Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún lẹ́tà yín ti ọjọ́ 14 oṣù yìí, nínú èyí tí ẹ fi iṣẹ́ akápò lọ̀ mí, àti fún inú rere tí ẹ fi gbà mí ní ọjọ́ tí mo wá.

Ó dùn mí láti sọ fún yín pé n kò lè gba iṣẹ́ náà ní àkókò yìí. Bí mo ti ṣàlàyé lórí fóònù, èmi yóò ṣe ìdánwò ìkẹyìn mi nínú ìṣirò owó ní oṣù kọkànlá, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ọjọ́ ẹ̀kọ́ mi ní Ìbàdàn. N kò fẹ́ gba iṣẹ́ tí n kò ní lè ṣe ní àṣepé.

Mo kọ̀wé yìí ní kíákíá kí ẹ lè ní àyè láti yan ẹlòmíràn kí oṣù kẹjọ tó dé.

Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe àkọsílẹ̀ owó ní ilé ìwòsàn yín wù mí púpọ̀. Láti oṣù kejìlá lọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta mi yóò ṣí sílẹ̀. Bí àyè bá tún wà nígbà náà ní ẹ̀ka owó, inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè rántí mi, èmi náà yóò sì kọ̀wé sí yín nígbà tí mo bá ti gba èsì ìdánwò mi.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀, èmi ni tiyín ní tòótọ́.”

Ẹ jẹ́ kí a tú lẹ́tà yìí wò, nítorí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ní ìdí, ohun tí kò sì sí nínú rẹ̀ náà ní ìdí. Kíkọ̀ náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kejì, ó sì hàn gbangba. Kò wí pé “bóyá” tàbí “ó jọ pé”. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni kí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka lẹ́tà tán tí kò mọ̀ bóyá o ń bọ̀ tàbí o kò bọ̀ yóò tún ní láti pè ọ́, ìwọ yóò sì tún ní láti kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìnira kejì yìí máa ń ju ti ìṣáájú lọ.

Ìdí kan ṣoṣo ni ó sọ, òótọ́ sì ni. Ṣé ìyẹn nìkan ni ìdí tí ó wà? Bóyá kọ́. Ó ti lè rò ó pé bí òun bá gba ilé sí Abẹ́òkúta, tí òun sì ń wọ ọkọ̀ wá wo àwọn ará òun ní Ìbàdàn, ohun tí yóò kù nínú 60,000 náà kò ní pọ̀. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kò sì sí irọ́ nínú pé kò kọ ọ́. Bí a bá to ìdí márùn-ún sílẹ̀, ẹni tí ń kà á yóò rò pé a ń wá àwáwí ni, tàbí yóò máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sì dárúkọ owó lẹ́yìn tí a ti kọ̀, yóò dàbí ẹni pé a ń fi kíkọ̀ náà nájà. Ẹni tí owó bá jẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an, kí ó ti béèrè nípa rẹ̀ kí ó tó kọ lẹ́tà rárá.

Ní ti ọ̀nà ọ̀la tí ó ṣí sílẹ̀, ẹ kíyè sí i pé kò wí lásán pé “Ẹ má gbàgbé mi.” Ó dárúkọ oṣù, ó dárúkọ ẹ̀ka iṣẹ́, ó sì sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe. Gbólóhùn tí kò ní ọjọ́ nínú ni gbogbo ènìyàn ń kọ, kò sì sí olùṣàkóso tí ń kà á sí ohun kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wí pé “láti oṣù kejìlá lọ,” a ti fún un ní ohun tí ó lè kọ sórí fáìlì.

Wàyí o, ìdí mìíràn wà tí a kò lè kọ sínú lẹ́tà. Bí ó bá jẹ́ pé o ti gbọ́ láti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà kì í san owó oṣù déédéé ńkọ́? Kì í ṣe lẹ́tà ìdáhùn ni ibi tí a ti ń bá wọn wí. Wí pé, “Lẹ́yìn tí mo ti rò ó jinlẹ̀, mo rí i pé n kò lè gba iṣẹ́ náà,” kí o dúpẹ́, kí o sì dákẹ́. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ìlérí oṣù kejìlá kún un. Ibi tí o kò fẹ́ padà sí, má ṣe wí pé ìwọ yóò padà. Má sì ṣe dá àìsàn bàbá rẹ sílẹ̀ tàbí ìrìn-àjò tí kò sí. Àwọn tí ń gba òṣìṣẹ́ mọ ara wọn, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè.

Àwọn kan a máa mú lẹ́tà iṣẹ́ tuntun lọ fi han ọ̀gá wọn àtijọ́ kí ó lè fi owó kún owó wọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti sọ fún ọ̀gá rẹ pé àwọn mìíràn ń wá ọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí èyí nìkan ni o ṣe lọ jókòó níwájú àwọn ará Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì gbọ́ ọ, wọn yóò mọ̀ pé ìwọ kò nílò wọn rí. Kò sí lẹ́tà tí ó lè tún èyí ṣe.

Ọ̀ràn wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ènìyàn bá ti fọwọ́ sí ìwé pé òun gba iṣẹ́ náà. Títí di ìgbà tí o kò tíì gbà, kò sí àdéhùn, kíkọ̀ rẹ kò sì jẹ́ ẹ̀bi lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbà, àdéhùn ti wà, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ kò tíì dé. Ilé ẹjọ́ kì í fi ipá mú ènìyàn lọ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí a dá àdéhùn rẹ̀ lè béèrè owó ohun tí ó pàdánù. Nínú irú ọ̀ràn báyìí, má ṣe wí pé o “kọ̀”. Ohun tí ó yẹ kí o béèrè ni pé kí wọ́n tú ọ sílẹ̀. Wo ìwé àdéhùn náà bóyá ó sọ iye ọjọ́ tí a gbọdọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀, pè wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an, gbà pé ìwọ ni o yí ọ̀rọ̀ padà, kí o sì bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yóò tú ọ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe retí pé ọ̀nà ọ̀la yóò rí bí ti ẹni tí ó tètè sọ̀rọ̀. Nítorí èyí ni a fi ń wí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí ìwé láti fi ra àkókò.

Ohun kan náà tún wà tí ń mú kí àwọn kan gbà kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n lè lọ: wọn kì í ka ọjọ́ ìkìlọ̀ tí wọ́n jẹ ọ̀gá tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, là á sílẹ̀ ní ìpín kọkànlá. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ yóò fi ọjọ́ kan ṣe ìkìlọ̀. Ẹni tí ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì yóò fi ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí di ìgbà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Láti ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ìkìlọ̀ tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọdọ̀ wà nínú ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìṣàkóso tàbí iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú, ìwé àdéhùn tiwọn ni kí wọ́n wò. Ọmọbìnrin wa tí ó ti lo ọdún mẹ́ta jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà kì í ṣe èyí ni ó dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti pẹ́ ọdún mẹ́fà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ kò ṣeé ṣe, ó sì yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbà.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn tí a ti kọ̀? Èsì lẹ́tà ni yóò sọ. Bí wọ́n bá kọ̀wé padà pé wọ́n dúpẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ mọ ìgbà tí èsì ìdánwò yóò jáde, ọ̀nà ṣí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé, “Ǹjẹ́ o mọ ẹlòmíràn tí ó lè ṣe é?” ọ̀nà ṣí gan-an, nítorí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀lé ojú rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ, kọ́kọ́ bi òun náà léèrè bóyá ó fẹ́. Bí wọn kò bá sì dáhùn rárá, má bínú, má sì ṣe kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì láti béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́rùn wọn.

Ohun tí ó kù ni kí o mú ìlérí rẹ ṣẹ. Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, lẹ́tà kékeré kan ti tó. Rán wọn létí ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, sọ fún wọn pé o ti yege, sọ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ti ṣí, kí o sì béèrè bóyá àyè wà. Béèrè, má ṣe gbà á bí ẹ̀tọ́. Iṣẹ́ tí o kọ̀ ti di ti ẹlòmíràn, lẹ́tà rẹ kò sì de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wí pé kò sí àyè, dúpẹ́, kí o má sì ṣe máa kọ̀wé sí wọn ní oṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ohun tuntun bá wà láti sọ ti tó. Bàbá tí ó fi ọ́ hàn náà gbọdọ̀ gbọ́ èsì ìdánwò náà, kí ó sì gbọ́ ọ ṣáájú wọn.

Kí òǹkàwé sì rántí pé ohun kan wà tí ìwà pẹ̀lẹ́ kò lè ṣe. Bí wọ́n bá tún fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, tí o sì tún kọ̀, bí lẹ́tà rẹ ti wù kí ó dára tó, ó ṣòro kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀kẹta. Nítorí náà, kí ẹni tí ó kọ̀wé pé “láti oṣù kejìlá lọ” rí i dájú pé oṣù kejìlá ni ó ní lọ́kàn. Bí ohun kan bá yí padà láàárín àkókò náà, tí ó sì mọ̀ pé òun kò ní lè lọ mọ́, kí ó tètè kọ̀wé sọ fún wọn kí wọ́n tó ránṣẹ́ wá.